Bí mo ṣe ná 50,000 náírà rẹ

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù Máńṣẹ́sítà o. Mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà. A kú oríire ọmọ tuntun tó wọlé dé sọ́dọ̀ Bísí; Ọlọ́run yóò wò ó, yóò dá a sí fún wa. Owó tó o fi ránṣẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé, 50,000 náírà gééré. O ní kí n fi di ẹrù ẹ̀bùn tó máa dé Abẹ́òkúta kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, o sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ àpò ara mi. Ẹrù náà ti dé. Mo fẹ́ ro gbogbo bí owó ṣe lọ fún ọ, torí o sọ pé nígbà tó o bá wálé lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa di ti Màmá.

Èyí tí wọ́n ti dì sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò. Mo ya ilé ìtajà ńlá kan, mo sì bá ọ̀kan níbẹ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 50,000 náírà kan náà. Mo dúró tì í, mo ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀rá: wáìnì aláìlọ́tí kan, bisikíìtì mẹ́ta, súgà, tíì, ṣokoléètì. Mo lọ wo iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí pẹpẹ, mo rò ó pọ̀, kò ju 28,000 lọ. Mo tún fi ọwọ́ tẹ ìdí apẹ̀rẹ̀ náà, páálí òfìfo ni wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ kí ẹrù lè ga. Inú bí mi. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ohun kan tí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa nawọ́ sí lóru.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ẹrù tiwa máa dá lé: ogójì ọjọ́ ìyá ìkókó. Ohunkóhun tó bá máa wọ inú rẹ̀, Bísí gbọ́dọ̀ lè lò ó tán láàárín ogójì ọjọ́ yẹn, tàbí kí ọwọ́ rẹ̀ máa kàn án lójoojúmọ́. Òfin kan yìí ló gbà mí lọ́jà. Aago ara ògiri tó wù mí, mo fi sílẹ̀. Àwo aláràbarà, mo fi sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ti mú ohun kan pàtó lọ́kàn, gbogbo ohun tó bá rí ló máa dà bí ẹ̀bùn lójú rẹ̀, owó á sì tán.

Kí n tó wọ ọjà rárá ni mo ti yọ owó tí kò ní di ẹ̀bùn. Mo ya 4,000 sọ́tọ̀ fún dírẹ́bà tó máa gbé e lọ, 2,000 fún ọ̀rá àti ríbọ́nù, àti 2,000 fún ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Tí èèyàn bá ra ẹrù tán kó tó rántí owó mọ́tò, nínú ẹrù yẹn ló máa ti yọ nǹkan padà. Ó ku ohun tí a máa di ẹrù sí. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn, 9,000 ni wọ́n pè é fún mi, ẹ̀yìn àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, yóò di ohun tí wọ́n ń kó àlùbọ́sà sí. Mo wá ra ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ, èyí tó jẹ́ ike tó nípọn, ní 6,000. Ọpọ́n náà fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀bùn, wọ́n á fi wẹ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó wá ku 36,000 fún ohun tó máa wọ inú rẹ̀.

Òru ni mo kọ́kọ́ rò. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, ebi máa ń pa á láàárín òru, òǹgbẹ a sì máa gbẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dáná ní agogo mẹ́ta. Nítorí náà mo ra fíláàsì onírin ní 7,500, ògì gbígbẹ àpò méjì ní 3,000, àti mílíìkì oníyẹ̀fun ní 7,000. Fíláàsì yẹn ni mo fara balẹ̀ yẹ̀ wò jù. Mo ti bá ẹni tó ń tà á sọ ọ́ pé tí kò bá dára, n ó dá a padà. Mo da omi tó ń hó sí i kí n tó sùn, mo dé e pa. Lẹ́yìn wákàtí kan mo fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ níta. Tí ara fíláàsì bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru inú rẹ̀ ń jáde nìyẹn, kò ní gbóná dé ọ̀yẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo dá a padà. Èkejì tutù níta, nígbà tí mo sì ṣí i láàárọ̀, omi rẹ̀ ṣì po ògì jinná. Ní ti mílíìkì, mo yí ìdí agolo sókè ka ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó wà lórí tábìlì ẹ̀dínwó wọ́n dín ní 1,500, ṣùgbọ́n oṣù kan péré ló kù fún wọn, mo sì mọ̀ pé àwọn àlejò ìkómọ náà máa gbé mílíìkì wá, nítorí náà mo fi wọ́n sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹja. Mo lọ sí Bódìjà fún ẹja àrọ̀ gbígbẹ, 8,500, mo ra edé 4,000, mo sì fi orúnlá 1,000 lé e. Àdùkẹ́, ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí, torí ẹja tí kò gbẹ dáadáa dùn ún wò lórí àtẹ ju èyí tó gbẹ lọ. Ó máa ń dán, ó sì máa ń wúwo, omi ló sì wúwo nínú rẹ̀. Mú ìrù rẹ̀ kó o tẹ̀ ẹ́: tó bá kán pẹ́ú, ó gbẹ, tó bá ká, kò tíì gbẹ. Wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ náà. Tó o bá rí ìyẹ̀fun kékeré bíi ti igi tí kòkòrò jẹ, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo rà kán dáadáa, síbẹ̀ nígbà tí mo délé mo tún yan án lórí iná tó rọra ń jó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, mo sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó dì í. Tí a bá di ẹja nígbà tó ṣì gbóná, á làágùn sínú ọ̀rá, kó tó dé Abẹ́òkúta yóò ti máa hu funfun. Edé ní tirẹ̀, mo da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi nínú abọ́ ìyá tó ń tà á, mo dúró díẹ̀ wo ìdí abọ́ náà. Ti ẹni àkọ́kọ́, iyanrìn ló rọ̀ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta ni mo ti rà.

O ní kí n fi oyin sí i. N kò fi sí i, jọ̀wọ́ má bínú. Mo mọ̀ pé oyin wà lára ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, a sì máa ń tọ́ ọ sí ìkókó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kìlọ̀ pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá, bó ti wù kó kéré tó. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe àgbà ní nǹkan, ṣùgbọ́n tó lè dàgbà nínú ìfun ìkókó, kó sọ iṣan ara rẹ̀ di aláìlágbára, títí kan èyí tó fi ń mí. Mo pe Bísí lórí fóònù, mo ní kó bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n fi oyin náà kan ètè òun ìyá, kí wọ́n ṣe àdúrà lé e. Ó ní ìyá ọkọ òun ti gbà. Bákan náà ni n kò ra mílíìkì ọmọ àti ìgò ọmú, ọmú ìyá nìkan tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní ilé ìwòsàn.

Owó tó kù di 5,000. Mo fi 2,000 ra ọṣẹ ìfọṣọ, 1,500 ra òrí, 1,500 ra aṣọ ìnujú mẹ́ta. Aṣọ ìnujú yẹn ṣe iṣẹ́ méjì. Bébà gígé tí wọ́n fi ń kún àlàfo inú apẹ̀rẹ̀, ààtàn ló ń lọ, nítorí náà àwọn aṣọ yìí ni mo ká mọ́ àárín ẹrù kí nǹkan má bàa máa lu ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ, mo ti kọ́ ọ lára ara mi. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo to ọṣẹ olóòórùn dídùn ti gààrí nínú ẹ̀bùn kan. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n rẹ gààrí náà, ọṣẹ ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu. Ó dùn mí gan-an. Ìyẹ̀fun a máa fa òórùn mọ́ra, ọ̀rá ẹyọ kan kò sì tó láti dí i. Lọ́tẹ̀ yìí mo di ọṣẹ sínú ọ̀rá méjì, mo fi téépù lẹ ẹnu rẹ̀, mo tì í sí ìkangun kan ọpọ́n. Mo gbé ògì àti mílíìkì sí ìkangun kejì, ẹja àti edé wà nínú ike onídèérí láàárín, fíláàsì dúró lẹ́yìn, aṣọ ìnujú sì yí i ká. Ohun tó ga wà lẹ́yìn, ohun tó kéré wà níwájú, kò sí páálí òfìfo kankan nísàlẹ̀. Mo wá fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo gbogbo rẹ̀, mo fà á le, mo fi ríbọ́nù so ó.

Dírẹ́bà wo bó ṣe fẹ̀ tó, ó ní 5,000 ni òun máa gbà. N kò bá a jà. Mo mú 1,000 nínú 2,000 tí mo fi pamọ́, 1,000 tó kù ṣì wà lọ́wọ́ mi, tìrẹ ni.

Bísí pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun fi fíláàsì po ògì ní agogo mẹ́ta òru, òun ò dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ó ní wọ́n ti wẹ ọmọ nínú ọpọ́n náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń béèrè bóyá kí òun kó ẹja tó kù sínú fíríìjì. Mo ní tí iná kò bá ti dúró kan, kó máa sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Kọ̀wé padà sí mi nípa ti Màmá. Sọ iye tó o máa yà sọ́tọ̀, kó o sì bi í léèrè lọ́gbọ́n ohun tí eyín rẹ̀ ṣì lè jẹ báyìí, torí ibẹ̀ ni a ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Mosún
Ìbàdàn