Fúréjọ̀n fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo làwọn ọmọ? Mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ, o ní àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ se fúréjọ̀n ní Gúdù Fráídè, kí n kọ bá a ṣe ń sè é ní Kámpọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Mo bi màmá mi, wọ́n ní ẹ̀wà agolo mílíìkì mẹ́ta, àgbọn méjì, káún díẹ̀, ṣúgà bó bá ṣe wù yín. Kí lòyìnbó fẹ́ fìyẹn ṣe báyìí?

Mo gbé agolo náà sórí sikéèlì. Tí mo bá bu ẹ̀wà kó ga lórí bí wọ́n ṣe ń bù ú lọ́jà, ó ń lọ sí gíráàmù 150, tí mo bá fọwọ́ gé orí ẹ̀, ó ń wálẹ̀ sí bíi 130. Ti ọjà ni màmá mi ń sọ, torí náà 450 ni kó o kọ, má wulẹ̀ kọ kọ́ọ̀pù rárá. Tí wọn ò bá rí olóyin, ẹ̀wà olójú dúdú ti súpámákẹ́ẹ̀tì á ṣe é, kò kàn ní dùn tó olóyin ni, ṣúgà á tún un ṣe.

Káún gan-an niṣẹ́ wà. Omi Lọ́ńdọ̀nù yẹn, èyí tó ń fi ẹfun sínú kẹ́tù yín, kì í jẹ́ kẹ́wà tètè rọ̀. Kí wọ́n rẹ ẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n da omi ẹ̀ nù, kí wọ́n wá fi béékìn sódà dípò káún, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, sínú omi tí wọ́n máa fi sè é. Béékìn sódà o, kì í ṣe béékìn páúdà, tó bá sì pọ̀jù á máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Wọn ò gbọ́dọ̀ tíì fi ṣúgà sí i, òun náà ń dá ẹ̀wà dúró. Kí wọ́n fi ìka méjì tẹ ẹyọ kan, tí inú ẹ̀ bá ṣì le, kò tíì yá fún bùléńdà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ hóró hóró ni wọ́n máa jẹ.

Ti àgbọn rọrùn. Wàrà àgbọn inú agolo mílílítà 400, méjì, èyí tí wọn ò fi ṣúgà sí, kì í ṣe omi àgbọn, kì í sì ṣe èyí tí wọ́n ń mu nínú páálí. Kí wọ́n fi omi agolo kan la àkọ́kọ́, ìyẹn dà bí omi kejì tá a máa ń fún, òun ni kí wọ́n fi lọ ẹ̀wà, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ. Èkejì dìgbà tó bá wà lórí iná, iná jẹ́ẹ́jẹ́ o, torí tó bá hó gùdùgùdù, òróró á yọ sókè. Kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá ṣì ń ṣàn díẹ̀ lórí ṣíbí, á ki sí i tó bá tutù. Ṣúgà àti iyọ̀ ṣíún ló kù, kí wọ́n máa tọ́ ọ wò.

Ọbẹ̀ ẹja, ìwọ fúnra ẹ sè é. Tó o bá fi ata rodo lé wọn lọ́wọ́, wàhálà ẹ nìyẹn. Èèyàn mélòó ló ń bọ̀ gan-an? Gíráàmù 450 yẹn ò lè ju èèyàn mẹ́jọ lọ, tètè sọ kí n tún un ṣírò.

Èmi ni tìẹ,
Bísí