Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí oògùn ìyá ọkọ rẹ̀

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Láti ìgbà tí o ti sọ pé wọ́n ti dá ìyá ọkọ rẹ sílẹ̀ ní ọsibítù, ọkàn mi ò kúrò lọ́dọ̀ yín ní Lọ́ńdọ̀n. O ní mẹtotirẹséètì ni wọ́n fún wọn fún oríkèé tó ń dùn wọ́n, àti pé ìwọ ni wàá ka ìwé náà fún wọn. Jọ̀ọ́, gbọ́ tèmi kó o tó kà á.

Lọ́dún tó kọjá, màmá kan tí ilé wọn ò jìnnà sí Takíé gba oògùn yìí kan náà. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo túmọ̀ ìwé náà fún wọn. Hóró mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ọ̀rá, mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ kan, oògùn oṣù kan. Mo ní, "Màmá, mẹ́rin ni ẹ ó máa lò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀." Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ní ọjọ́ kẹta mo yà kí wọn, mo sì gbé ọ̀rá náà wò: hóró mẹ́rin péré ló kù. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa lo mẹ́rin lọ́sàn-án?"

Àbẹ̀kẹ́, ara mi bù máṣọ. Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ àti lálẹ́, etí wọn ti ń retí àárọ̀, ọ̀sán tàbí alẹ́. "Lọ́sẹ̀" ni mo wí, "lọ́sàn-án" ni wọ́n gbọ́. A gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń gba ara lọ́wọ́ mẹtotirẹséètì, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò léraléra títí ọkàn gbogbo wa fi balẹ̀. Oògùn yìí máa ń fa ọwọ́ mùdùnmúdùn inú egungun sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méje, ara á ráyè gbérí. Bí ó bá di ojoojúmọ́, kò ní ráyè, ó sì lè pa ènìyàn.

Nítorí náà, má sọ "lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀" nìkan. Àwọn àgbà wa kan ṣì ń ka ọ̀sẹ̀ òrìṣà, ọjọ́ mẹ́rin sì ni ìyẹn. Pe ọjọ́ náà lórúkọ, orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́nu wọn. Bí ó bá jẹ́ Mọ́ńdè ni dókítà kọ, sọ pé: "Mọ́ńdè nìkan, hóró mẹ́rin. Títí Mọ́ńdè mìíràn yóò fi dé, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Má dárúkọ mílígíráàmù fún wọn rárá. Bí ìwé bá sọ pé mílígíráàmù 10, tí hóró kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 2.5, mẹ́rin nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ "mẹ́wàá" lè ka hóró mẹ́wàá. Bí wọ́n bá fi fólíìkì kún un, ya ibi tí ẹ fi sí sọ́tọ̀, torí ó lè jọ ọ́ nínú àwọ̀, ọjọ́ tiẹ̀ sì yàtọ̀.

Èyí tó tún ń kọ mí lóminú ni ìkìlọ̀ ìparí ìwé náà, tó ní kí wọ́n padà wá bí ara bá gbóná, bí ọ̀fun bá ń dùn, tàbí bí egbò bá yọ lẹ́nu. Má túmọ̀ ara gbígbóná sí "ibà". Bí wọ́n bá ti gbọ́ ibà, ọkàn wọn á lọ sí ti ẹ̀fọn, àgbo ni wọ́n á kọ́kọ́ wá, tàbí kí wọ́n bá Fánsídà nínú àpò tí wọ́n gbé wá láti ilé. Fánsídà àti Séptíríìnì wà lára ohun tí kò gbọdọ̀ bá mẹtotirẹséètì pàdé lára, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ń ṣiṣẹ́. Sọ fún wọn pé: "Bí ara yín bá gbóná, ẹ má lo nǹkan kan, ẹ pè mí, a ó lọ sí ọsibítù." Kó o sì yọ àpò yẹn yẹ̀ wò.

Bí ọsibítù bá ní ògbufọ̀, bèèrè fún un, kódà bí o tilẹ̀ mọ èdè méjèèjì. Ọmọ tàbí ìyàwó ilé máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú nítorí ìtìjú àti ìkánjú.

Má sì bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Ìyá àgbà kò ní sọ pé kò yé òun. Da hóró náà síwájú wọn, kó o ní, "Màmá, ẹ ka ti Mọ́ńdè fún mi, ẹ sọ èyí tí ẹ ó lò ní Túsìdeè." Bí ọwọ́ wọn bá tún lọ sínú ọ̀rá fún ti Túsìdeè, wàá rí i ní kíákíá, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti ṣe é.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́