Fọ́tò tí àbíkẹ́yìn wa fẹ́ fi sí síífíì

Kúbúwà, Àbújá

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ó yẹ kí n fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gùn, mo sì fẹ́ kí o kà á dáadáa kí o tó fèsì.

Àbíkẹ́yìn wa ti yege ìdánwò èdè Jámánì o! Ó fẹ́ wá ṣe nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ yín. Ìdùnnú wa ò tíì rọlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ síífíì fi dé.

O mọ irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ fún wa ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà níbí: ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ó ti lọ́kọ àbí kò tíì lọ́kọ, ẹ̀sìn. Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìpínlẹ̀, torí wọ́n gbọ́dọ̀ pín ààyè iṣẹ́ yí gbogbo ìpínlẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ̀wé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ la yọ dànù. Òfin wọn ti ọdún 2010 ka ọjọ́ orí, ìgbéyàwó àti ẹ̀sìn mọ́ ohun tí agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi ṣe ẹ̀tanú, nítorí náà wọn kì í fẹ́ rí i nínú ìwé. A yọ ọdún tó jáde girama pàápàá, torí ẹni tó bá ń wá ọjọ́ orí yóò ṣírò rẹ̀ láti ibẹ̀. Ipò tó dì mú nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí, "olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́" la kọ ọ́ sí.

Ti Jámánì ló wá yàtọ̀. Láti ọdún 2006 ni àwọn náà ti ní òfin tó lòdì sí ẹ̀tanú, kò sì pọn dandan mọ́ kí ènìyàn fi fọ́tò síwájú agbanisíṣẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ṣì ń fi í sí i, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti ìlú tí wọ́n ti bí wọn. Kì í tún ṣe páásípọ́ọ̀tù tiwa yìí o. Ayàwòrán ló ń yà á, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti ẹ̀rín díẹ̀ lójú. Àbúrò mi fẹ́ ya tirẹ̀ pẹ̀lú hìjáàbù.

Ìyá Ìbejì, àyà mi já. Mo ti ka ìwádìí kan tí obìnrin onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Doris Weichselbaumer, gbé jáde ní 2016. Ó fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ káàkiri Jámánì, obìnrin kan náà ló wà nínú fọ́tò, ìwé ẹ̀rí ò yàtọ̀ síra. Pẹ̀lú orúkọ Jámánì, bí i 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìpè. Pẹ̀lú orúkọ Tọ́kì, bí i 13 tàbí 14. Orúkọ Tọ́kì kan náà pẹ̀lú ìborùn lórí, ó já sí nǹkan bí i 4. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló wà nínú ìwádìí náà, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì, mo sì mọ̀ pé ilé ìwòsàn yín ń wá nọ́ọ̀sì lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé nọ́ńbà yẹn kúrò lọ́kàn.

Mo ní kó má fi fọ́tò kankan sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó ní òun ò ní ṣí hìjáàbù lẹ́nu iṣẹ́, kí ló dé tí òun á fi rìnrìn àjò jìnnà síbi tí wọn ò ti fẹ́ òun. Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà rí òótọ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi wo ìwé ló ń já mi láyà, torí ẹni tí wọn ò bá pè kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ẹ̀sìn ní tirẹ̀, a ò ní kọ ọ́. Àfi pé ilé ìwòsàn ìjọ pọ̀ níbẹ̀, ti Caritas jẹ́ ti Kátólíìkì, ti Diakonie ti Pùròtẹ́sítáǹtì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti lè béèrè.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, owó ilé tún gun òkè, Bọ́dà Kàdúná ti ṣègbéyàwó nígbẹ̀yìn!

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè ilé yín yẹn, jọ̀wọ́ bi í bóyá wọ́n ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì lo hìjáàbù níbi iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ti ìjọ ni ilé ìwòsàn náà, àti bóyá wọ́n ń gba ìwé tí kò ní fọ́tò láì kà á sí àìmọ̀ọ́kọ. Mo ti bẹ àbúrò mi kó dúró de èsì rẹ kó tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ó sì gbà. Má jẹ́ kó pẹ́, kò ní sùúrù púpọ̀.

Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Àyọ̀