Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí iṣẹ́ méjì tó pè é

Kúbwà, Àbújá

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sùn lánàá. Yunifásítì fẹ́ gbà ọ́ ní asísítáǹtì lẹ́kítọ́rà, iléeṣẹ́ irúgbìn kan ní Kánò náà fẹ́ gbà ọ́ ní ọ́físà ìwádìí, o wá ní kí n sọ èyí tí o máa mú. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa níbí kì í jẹ́ kéèyàn sọ gbólóhùn mẹ́ta parí.

Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá rẹ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní yunifásítì kí a tó bí ọ, àwọn ló ní kí o máa lọ sí Kánò. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi yẹ oko àwọn oníléeṣẹ́ irúgbìn wò, yunifásítì ni ọkàn mi ń fà sí. Kálukú ń sá fún ohun tó ti fojú rí.

O mọ ohun tí bàbá rẹ ń sá fún. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ìwọ náà wà nílé nígbà yẹn, o sì rí i pé owó oṣù tèmi nìkan la fi ń ra gàrí. N ò ní sọ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí o bá gba iṣẹ́ yunifásítì, fi í sọ́kàn pé ó lè tún ṣẹlẹ̀, kí o sì máa fi owó pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tó lórí ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa ni orúkọ tí àwọn ará Kánò fi pe iṣẹ́ náà. Ọ́físà ìwádìí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ irúgbìn tí mo yẹ oko wọn wò, wọn kì í dá irúgbìn tuntun sílẹ̀ fúnra wọn. Irúgbìn tí àwọn ilé ìwádìí bí i ti Sàmárù tàbí IITA ti ṣe ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n ń sọ di púpọ̀, tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ́físà ìwádìí níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rìn wọ inú oko, kó fa èyí tí kì í ṣe irú wọn tu, kó wọn omi inú irúgbìn, kó ka 400 hóró sínú yanrìn tútù, kó sì padà wá kà á bóyá ó hù tàbí kò hù. Iṣẹ́ gidi ni, èmi náà jẹun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dídá irúgbìn tuntun sílẹ̀ tí o lọ kọ́ ní Sàmárù.

Bí o ṣe máa mọ̀ kò le. Kí o tó fọwọ́ síwèé, bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti ń rí òbí irúgbìn wọn. Bi wọ́n bóyá wọ́n ní ilé aláwọ̀n tí wọ́n ti ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kan sórí òmíràn, kí o sì ní kí wọ́n mú ọ débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àpò ajílẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀, o ti rí ìdáhùn.

Ká tilẹ̀ ní wọ́n ń dá irúgbìn tuntun sílẹ̀, àgbàdo ló máa jẹ́. Ẹ̀wà ni ìwọ kọ́. Àgbàdo háíbíríìdì, bí àgbẹ̀ bá kó o lóko tó tún gbìn ín, kò ní ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà ó di dandan kó padà wá rà lọ́dọọdún. Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ló ń fún ara rẹ̀ lóyún, ọmọ á jọ ìyá, àgbẹ̀ á sì kó tirẹ̀ pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì fún ọdún tó ń bọ̀. Ta ni oníṣòwò tó máa náwó fún ọdún mẹ́wàá lórí ohun tí oníbàárà ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Wo SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tí kòkòrò Máruka kò lè jẹ pódi rẹ̀. Ilé ìwádìí ìjọba ní Sàmárù àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ló ṣe é, ó sì gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ. Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2019, ó di 2021 kí wọ́n tó gbé e fún àgbẹ̀. Kò sí iléeṣẹ́ aládàáni kan tí mo mọ̀ ní Kánò tó lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èpò wutawuta tó ń fa ẹ̀wà lẹ́jẹ̀ nínú ilẹ̀ ni o ṣì fẹ́ máa bá jà, yunifásítì ni. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ irúgbìn lápapọ̀ lo fẹ́, tí o sì fẹ́ mọ ìdí tí irúgbìn dáadáa fi ń kú sórí kántà, Kánò máa kọ́ ọ.

Yunifásítì náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Pẹ̀lú oyè másítà, ibi tí o máa dúró sí ni asísítáǹtì lẹ́kítọ́rà títí tí o fi máa gba oyè ọ̀mọ̀wé. Bí wọ́n bá kó gbogbo kíláàsì ọdún kìíní àti iṣẹ́ lábù wọn lé ọ lórí, oyè náà lè fi ọdún mẹ́jọ fà. Má bi ọ̀gá ẹ̀ka, torí wọ́n máa ní kò sí wàhálà. Wá àwọn mẹ́ta tí wọ́n gbà kẹ́yìn sípò yìí, kí o bi wọ́n pé ọdún mélòó ni wọ́n lò, àti pé ta ló san owó rẹ̀: ṣé TETFund ni àbí àpò ara wọn. Bí méjì nínú wọn bá ti gbà á tàbí tí wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú owó ẹlòmíràn, lọ síbẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣì ń wá owó, Kánò ni kí o lọ fún àkókò òjò méjì, kí o máa kọ̀wé béèrè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ibẹ̀. N kò ní bá ọ jà.

Ibi yòówù kí o lọ, má fi Sàmárù sílẹ̀ láìkọ ìwádìí rẹ ránṣẹ́ sí jọ́nà. Iṣẹ́ tí o ṣe ní Sàmárù àti Minjíbìr fún àkókò òjò méjì ló dára jù nínú tésíìsì rẹ, torí oko kan, òjò kan, kíá ni wọ́n máa dá a padà. Ó máa ń gba oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó dáhùn, àmọ́ ẹni tó ti wà ní iléeṣẹ́ fún ọdún méjì láìní ìwé kankan tó jáde, ó máa ń ṣòro fún yunifásítì láti gbà á padà. Iléeṣẹ́ náà kì í sábà jẹ́ kéèyàn fi iṣẹ́ wọn kọ̀wé, nítorí náà ti másítà yìí ló kù tó jẹ́ tìrẹ. Bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, ta ni orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ ní irú rẹ̀ tí wọ́n sọnù. Páálí ni wọ́n kó ìwé oko másítà wọn sí, nínú yàrá kan ní Sáríà, pé àwọn máa kọ ọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, ikán ti jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ títí dé pulọ́ọ̀tì 30. Títí di òní, wọn kì í fẹ́ ká sọ ọ́.

Ìwọ fi pẹ́ńsùlù kọ tìrẹ, mo rí i nígbà tí a wá wò ọ́ ní Minjíbìr, ẹrẹ̀ sì wà lára èèpo rẹ̀. Gbé e dání tí o bá ń bọ̀ ní Sátidé. Fi ọ̀rá wé e.

Màmá rẹ