Wọ́n Ní Àwọn Yẹ̀ Ẹ́ Wò, Kí Ni Wọ́n Rí?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ru sókè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwé àṣẹ tuntun kan ló ń kiri láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ní agbègbè Àbújá yìí. Wọ́n ní gbogbo àṣamọ̀, ìyẹn ábísítíráàtì tó máa ń wà níwájú ìwé, gbọ́dọ̀ sọ iye èèyàn tí wọ́n há ìwé ìbéèrè fún, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣà wọ́n, àti àbá mẹ́ta fún ìjọba. Ọmọ tó ń kọ̀wé lórí Kánò ọdún 1911, ta ni kó há ìwé ìbéèrè fún? Àwọn àgbẹ̀ ọdún náà ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́.

Àwọn ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí wọ́n ń gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn lé àwọn onítàn lọ́rùn, ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ohun tí àṣamọ̀ wà fún. Ibi tó burú sí ni pé ọmọ á kún gbogbo àlàfo inú fọ́ọ̀mù náà tán, kò sì ní sọ ohun kan ṣoṣo tí òǹkàwé ń wá. Wọ́n á ní iṣẹ́ náà “yẹ ọ̀rọ̀ wò”, ó “ṣe àgbéyẹ̀wò”, ó “jíròrò lórí”. Ó dára, kí ni wọ́n rí?

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ kan dá lórí ojú irin àti òwò ẹ̀pà ní Kánò, láti 1907 sí 1914. Irú àṣamọ̀ tí fọ́ọ̀mù wọ̀nyí ń bí nìyí: “Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìrìnnà ti jẹ́ ohun pàtàkì fún ìdàgbàsókè àwùjọ. Iṣẹ́ yìí yóò ṣe àgbéyẹ̀wò ipa tí ojú irin kó nínú ọrọ̀ ajé Kánò. A lo oríṣiríṣi ọ̀nà ìwádìí. A jíròrò lórí àǹfààní àti ìṣòro ojú irin. Ní ìparí, a dá àbá tí yóò wúlò fún ìjọba.”

Ẹ tún un kà. Gbólóhùn kìíní lè ṣíwájú ìwé lórí kẹ̀kẹ́, lórí ràkúnmí tàbí lórí ọkọ̀ òfuurufú, kò sì ní bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ “yóò” inú gbólóhùn kejì ló tú àṣírí ọmọ náà: inú ìwé àbá tó kọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ló ti gé e, tó lẹ̀ ẹ́ síbí. Iṣẹ́ tó ti parí kì í sọ pé òun yóò ṣe nǹkan. “Oríṣiríṣi ọ̀nà” kò sọ bóyá fáìlì ìjọba ló kà ni, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ló gbọ́. Ọdún kò sí níbẹ̀, ìdáhùn pàápàá kò sí. Ẹni tó ka gbogbo rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ẹ̀pà wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn ọ̀hún dùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Bàrò létí odò Ọya lọ́dún 1907, òwú ni àwọn òyìnbó fọkàn sí. Àwọn oníléeṣẹ́ aṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1902 láti máa wá òwú láti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba wọn. Ojú irin dé Kánò lọ́dún 1911, àwọn àgbẹ̀ sì da ẹ̀pà bò ó. Òwú ni wọ́n tẹ́ ojú irin sílẹ̀ dè, ẹ̀pà ló wá gùn ún. Kí ló fà á? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ ọmọ náà, òun náà ló sì yẹ kó gba àyè jù nínú àṣamọ̀.

Ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí: “Láàrin 1907, tí iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Bàrò, àti 1914, tí ogun àgbáyé kìíní da ọjà rú, kí ló dé tí ẹ̀pà fi gbapò mọ́ òwú lọ́wọ́ ní Kánò? Àwọn kan gbà pé ojú irin nìkan ló sọ àwọn àgbẹ̀ di olóko ẹ̀pà. Iṣẹ́ yìí lo fáìlì ìjọba amúnisìn ní ilé ìpamọ́ ìwé ní Kàdúná, ìròyìn ọdọọdún ìjọba Nàìjíríà Àríwá, àti ọ̀rọ̀ ẹnu láti ìdílé àwọn oníṣòwò. Ó fi hàn pé ọ̀nà lásán ni ojú irin là. Ìṣirò àwọn àgbẹ̀ àti àwọn alágbàtà ló darí ohun tó gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ahunṣọ ilé ń ra òwú ju iye tí òyìnbó ń san lọ. Ẹ̀pà ní tirẹ̀ ṣeé jẹ nílé bí ọjà bá kọ̀ ọ́, àwọn alágbàtà Haúsá sì ń rìn dé oko láti fi owó ẹ̀pà han àgbẹ̀. Àwọn fáìlì náà kò sọ púpọ̀ nípa àwọn obìnrin tó ń fún òróró ẹ̀pà, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò lè díwọ̀n iye ẹ̀pà tó kù sílé.”

Àṣamọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá fún ọmọ láyè igba ó lé àádọ́ta ọ̀rọ̀, kó fi nǹkan bí ogójì béèrè ìbéèrè, kó sì dárúkọ ọdún àti ìlú. Ogójì mìíràn fún èrò tó ń bá jà, ogójì fún ibi tí ẹ̀rí ti wá, ọgọ́rùn-ún gbáko fún ìdáhùn, kó wá fi ìyókù sọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ kò dé. Kò gbọ́dọ̀ ní ìtọ́kasí ìsàlẹ̀ ìwé, kò sì gbọ́dọ̀ ní àyọlò gígùn. Èdè ìkékúrú tí onílé ìpamọ́ ìwé nìkan mọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí sì gbọ́dọ̀ ní ìdí. Àwọn pírójẹ́ẹ̀tì kan wà tí àkọlé wọn dúró sí 1914 tí àṣamọ̀ wọn sáré dé òmìnira 1960. Ẹni tó bá rí i á ti mọ̀ pé ọmọ yẹn kò mọ ibi tí ìtàn tirẹ̀ parí sí.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ìwé àṣẹ náà ni pé ó ka àṣamọ̀ àti àkópọ̀ sí ohun kan náà, débi pé àwọn ọmọ ń da àṣamọ̀ iwájú kọ sí orí karùn-ún, wọ́n á kàn fẹ̀ ẹ́ lójú. Òǹkàwé àwọn méjèèjì yàtọ̀. Ẹni tó ń ka àṣamọ̀ lè má ṣí ìwé náà láéláé. Ó ń yan èyí tó fẹ́ kà ni. Ẹni tó dé ibi àkópọ̀ ti ka orí mẹ́rin, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ kí wọ́n so okùn ọ̀rọ̀ pọ̀ fún òun. Fún iṣẹ́ tó tó ojú ìwé àádọ́rin, ojú ewé méjì sí mẹ́ta tó fún àkópọ̀. Orí kọ̀ọ̀kan á tẹ̀léra bó ṣe wà nínú ìwé, àmọ́ ìwúwo rẹ̀ nínú àlàyé ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Orí tó ṣàpèjúwe ilẹ̀ Kánò lè gba ogún ojú ìwé, kó jẹ́ pé gbólóhùn kan ló máa ní nínú àkópọ̀: ilẹ̀ oníyanrìn tó fúyẹ́ ba ẹ̀pà mu. Orí tó sọ nípa àwọn alágbàtà lè má ju ojú ìwé méjìlá lọ, kó sì gba ìdajì àkópọ̀, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ̀rí tuntun kò gbọ́dọ̀ yọjú níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìtọ́kasí sí fáìlì tí kò sí ní orí kankan, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan ni, kó dá a padà sí orí tó yẹ.

Àbá tèmi kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Kí àwọn alábòójútó má gba àṣamọ̀ kankan àyàfi tí ọmọ bá kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe máa ṣe é rèé. Nígbà tí gbogbo orí bá ti parí, kó mú bírò pupa, kó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ní orí kọ̀ọ̀kan, èyí tó sọ ohun tí orí náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kó da àwọn gbólóhùn náà kọ sórí ìwé kan pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé wọn. Orí tí kò bá rí ibi fàlà sí kò tíì sọ nǹkan kan, kó padà lọ tún un kọ. Láti ara ìwé kan yẹn ni yóò ti kọ àkópọ̀ ná, lẹ́yìn náà ni yóò fún un títí yóò fi di àṣamọ̀. Bí àṣamọ̀ bá ní àwọn ahunṣọ ń san owó jù lórí òwú, kí “47” wà létí rẹ̀, kí alábòójútó ṣí ojú ìwé 47 kó wò ó bóyá òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú: gbólóhùn tó dún jù nínú àṣamọ̀ ni kì í sábà rí ojú ìwé dì mú. Ọmọ náà á yọ ọ́, tàbí kó lọ wá ẹ̀rí. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìwé jáde, wọ́n á pa àwọn nọ́ńbà náà rẹ́.

Èyí tó kù kò gùn. Kí wọ́n jẹ́ kí àṣamọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń kọ kẹ́yìn. Kí olùdánwò wò ó kó tó ṣí orí kìíní, kó sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ló rí. Àbá fún ìjọba, ẹni tó bá ní in kó fi í sẹ́yìn ìwé. Ẹ̀pà 1911 kò nílò àbá mọ́.

Bí àwọn ọ̀gá wa kò bá sì lè fa ìwé àṣẹ wọn ya, kí wọ́n kàn yọ ìlà ìwé ìbéèrè yẹn kúrò, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dípò rẹ̀: “Kí lo rí?”

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Kúbúwà, Àbújá.