Ẹ yé gba owó ẹjọ́ tí kò sí

Sí Olóòtú,

Ó tó gẹ́ẹ́! Láti Kàbà dé Ìsánlú, àwọn ẹjẹ́ǹtì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn òbí wa pé àwọn fẹ́ bá wọn pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí físà ìbẹ̀wò ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò rí gbà. Ẹjọ́ wo? Físà ìbẹ̀wò kò ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Inú lẹ́tà tí wọ́n fi sọ pé àwọn ò fúnni ní físà gan-an ló wà, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í kà dé.

Nínú lẹ́tà yẹn, ẹ ó rí nọ́ńbà òfin físà wọn, V 4.2 (a), (c) tàbí (e). (a) ni pé wọn ò gbà pé ẹ máa padà wálé. (C), pé ohun tí ẹ ní ẹ ń lọ ṣe kọ́ ni ẹ ń lọ ṣe. (E), pé owó ìrìn àjò kò dá wọn lójú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ni ọ̀rọ̀. Àlàyé tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ fi bírò fàlà sí nídìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta kaṣú ní Kàbà, tí ọmọ rẹ̀ pè síbi ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé 200,000 náírà ló ń wọlé fún òun lóṣù, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ báńkì fi hàn pé mílíọ̀nù 3 wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó béèrè físà. Òṣìṣẹ́ físà kọ ọ́ pé òun ò mọ ibi tí owó náà ti wá. Ẹjẹ́ǹtì á ní owó kò tó, kí ìyá lọ yá sí i. Ìyẹn ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù! Owó tó, orísun rẹ̀ ni wọn ò rí. Tó bá jẹ́ owó kaṣú ni, kí ó mú rìsíìtì oníbàárà tó rà á wá, kí iye àti ọjọ́ rẹ̀ bá ti báńkì mu. Tó bá jẹ́ owó tó yá ni, kí ó dá a padà. Bí ọmọ ló máa gbé ìnáwó náà, ìwé owó oṣù àti àkọsílẹ̀ báńkì ọmọ ni kó fi síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó tún béèrè. Kò sí ọjọ́ kan tó gbọ́dọ̀ dúró dè, ṣùgbọ́n yóò san owó tuntun, nítorí wọn kì í dá ti àkọ́kọ́ padà. Kí ó sọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé wọn ò fún òun tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá parọ́ níbẹ̀, wọ́n lè dí ọ̀nà mọ́ ọn fún ọdún 10.

Físà ẹni tó fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya gbé ni lẹ́tà sábà máa ń sọ pé ẹjọ́ wà fún. Ọjọ́ 28 péré ni, láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣi ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kà, ẹ pẹjọ́; bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé ìwé kan, títún béèrè lè yá jù. Ti akẹ́kọ̀ọ́, àtúnyẹ̀wò ni, kì í ṣe ẹjọ́.

Àwọn tí a dìbò fún ń wò wá níran. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé tábìlì kan sí sẹkitéríàtì wọn lọ́jọ́ ọjà, ní Kàbà, Ìyàrá àti Ìsánlú. Kí wọ́n fi ẹni tó gbọ́ òyìnbó dáadáa síbẹ̀, tó máa ka lẹ́tà fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, tó máa kọ ohun mẹ́ta fún un sórí ìwé: irú físà, bóyá ẹjọ́ wà àti ọjọ́ tó kù, àti ìwé tó yẹ kó wá. Owó oṣù ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀! Kí ọlọ́pàá náà mú àwọn ẹjẹ́ǹtì wọ̀nyí. Títí dìgbà náà, ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó ẹjọ́, ẹ ní kó fi ìka han yín níbi tí lẹ́tà ti sọ pé ẹjọ́ wà.

Ọmọ Ìjùmú,
Ìyàrá.