Lẹ́tà sí Òṣogbo: ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fún wa

Tòróńtò,
Òru ọjọ́ Àìkú.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ilé o. Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo dọ̀bálẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí ẹ ti ń retí èsì mi, mo sì rí gbogbo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, títí kan èyí tó jẹ́ àmì ìbéèrè mẹ́ta nìkan. Mi ò sá fún yín. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, tí mo bá dé ní àárọ̀, orun ni. Owó gbọ̀ngàn Òkè-Fìà ti kúrò lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ yẹ àkáǹtì yín wò. Ṣé ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Ékòó ti san tiẹ̀? Mo kàn ń bèèrè ni.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kà lórúkọ àwa ọmọ níbi ọjọ́ ìbí Ìyá ló gbé mi jókòó. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún yín lórí fóònù pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, kí ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ wá kà á síta nínú yàrá, ó lé ní ìṣẹ́jú méje. Ẹ ní mo purọ́. Mi ò purọ́, Àǹtí. Ojú ni mo fi kà á nígbà tí mò ń wo aago, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Ojú kì í mí, kì í gbé itọ́ mì, kì í dúró kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín tán. Ohun tí ojú kà ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹnu lè lo ìlọ́po méjì rẹ̀ lórí i rẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi ni mo ṣe é.

Èkejì náà, èmi ni. Nígbà tí ẹ bínú, mo ní kí n fi ìṣirò yanjú ẹ̀. Mo ka iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo fi ìka kà á o, ibi tí wọ́n kọ Word count sí nínú ìwé orí fóònù ni mo tẹ̀, ó sì gbé e jáde pé 914 ni. Àwọn tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé èèyàn ń sọ tó ọ̀rọ̀ 130 sí 150 ní ìṣẹ́jú kan. Mo mú 150 torí pé òun ló bá mi lára mu, mo fi pín 914, ó sì fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́fà àti díẹ̀. Mo ní tí ẹ bá yára díẹ̀, ẹ máa bá a. Ẹ dákun, ẹ gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí ni pé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni mo kọ. Tí mo bá kọ "ní ilé", fóònù á kà á sí ọ̀rọ̀ méjì. Tí mo bá so ó pọ̀ di "nílé", ọ̀kan ni. Ẹnu yín kò sì mọ ìyàtọ̀ kankan láàrin méjèèjì. Ó tún burú sí i níbi nọ́ńbà. Mo kọ 1955 tí í ṣe ọdún tí wọ́n bí Ìyá, fóònù kà á sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pè é lédè Yorùbá níwájú àwọn àgbàlagbà: ẹgbàá ọdún ó dín márùndínláàádọ́ta! Nítorí náà nọ́ńbà tí mo yá lọ́wọ́ ẹlédè Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò fún wa. Ẹnu tiyín, lórí ìwé tí èmi kọ, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an, la gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ ka ojú ewé àkọ́kọ́ kí ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. (Ẹ rò pé mò ń fi yín ṣeré, mo gbọ́ ọ nínú ohùn yẹn.) Ọ̀rọ̀ 240 ló wà lójú ewé náà, ìṣẹ́jú méjì géérégé lẹ fi kà á. Ó já sí 120 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 120 pín 914: ìṣẹ́jú méje àti sẹ́kọ́ǹdì mẹ́tàdínlógójì. Ó bá ohun tí ẹ rí nínú yàrá mu. Ẹ̀yin lẹ jàre.

Ẹ wá ní ṣé ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́nà 120, ìyẹn 600, kọ́ ló yẹ ká dúró lé? Rárá. Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ jókòó sí tí ẹ fi ka tọjọ́sí. Ní gbọ̀ngàn, ẹ máa rìn dé ibi máíìkì, ẹnìkan á ní kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀, onílù á dá sí i nígbà tó bá gbọ́ orúkọ Ìyá, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Gbogbo ìyẹn, inú ìṣẹ́jú márùn-ún wa náà ló wà. Mo yọ ogójì sẹ́kọ́ǹdì sọ́tọ̀ fún un. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ogún sẹ́kọ́ǹdì, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 520. 394 ni mo gbọ́dọ̀ yọ.

Àǹtí, mo kọ́kọ́ gbé e bí ẹni ń ṣa èpò nínú ẹ̀fọ́. Mo yọ "gan-an" níbí, mo yọ "púpọ̀púpọ̀" lọ́hùn-ún. Wákàtí kan kọjá, ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógójì péré ni mo yọ, ohun tó ṣẹ́kù sì ń dún bí ẹni tó ń bínú. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Odindi èrò ni èèyàn ń yọ. Mo wá ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí àsìkò ń jò sí.

Kíkí àwọn èèyàn jàǹkàn nìkan jẹ́ 118. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nìyẹn kí a tó dárúkọ Ìyá! Mo sọ ọ́ di 26: ẹ kí Kábíyèsí tàbí ẹni tó bá ṣojú wọn, ẹ kí alága ètò, kí ẹ sì sọ pé ẹ dúró lórí ìlànà tó ti wà nílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ kò dárúkọ òun, ẹ ní èmi ni mo fà á.

Oríkì, mo dín in láti 64 sí 30, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn kejì tí ẹ fi ránṣẹ́. Tí a bá fi 120 wọ̀n ọ́n, 64 yẹ kó gba sẹ́kọ́ǹdì méjìlélọ́gbọ̀n, àádọ́ta lẹ lò. Kò sẹ́ni tó ń ka oríkì bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, ẹ máa ń fà á ni, ẹ sì jàre. Èyí tó kù níbẹ̀ ṣì máa gba ju bó ṣe yẹ lọ, inú ogójì sẹ́kọ́ǹdì yẹn ló ti máa jẹun.

Ìtàn ìkòkò aró kò ṣeé yọ. Bí Ìyá ṣe ń rẹ aṣọ lóru kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè kó o lọ sí Ọjà Ọba, bí ọwọ́ wọn kì í ṣe é funfun, bí ojú ṣe ń tì wá tí wọ́n bá wá sí ilé ìwé wa pẹ̀lú ọwọ́ aláró yẹn. Ohun táwọn èèyàn máa gbé lọ sílé nìyẹn. 210 ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 160 báyìí. Àpèjúwe ọ̀nà ọjà ni mo yọ, ta ni kò mọ̀nà Ọjà Ọba ní Òṣogbo? Ìdúpẹ́ náà ti wálẹ̀ láti 71 sí 26.

Ìpínrọ̀ tó gùn jù tẹ̀lé ìkòkò aró ni mo yọ jù. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. 187 ni. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ìwé ìgbélùú, ọ̀gá tí kò fún mi láyè, owó ọkọ̀ òfuurufú, àti bí mo ṣe ti fẹ́ wá lọ́dún tó kọjá. Mo kà á síta níbi tí a ti ń fọ aṣọ nísàlẹ̀ ilé, torí pé ẹni tí a jọ ń gbé ń sùn. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ àti díẹ̀, ní ọjọ́ ìbí Ìyá, orí ara mi ni mò ń sọ. Èyí tó kù níbẹ̀ rèé: "Ọmọ yín tó wà lókèèrè kò lè wá. Ó ní kí ẹ má bínú." Mẹ́rìnlá.

Ẹ rò ó pọ̀, 394 ló jáde. Ìyókù, mi ò fọwọ́ kàn án.

Nǹkan méjì ló kù. Lórí ìwé tí mo fi ránṣẹ́, mo kọ 1, 2, 3 àti 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí 120 kọ̀ọ̀kan ti pé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ọkùnrin jókòó níwájú pẹ̀lú Stopwatch fóònù, kó máa fi ìka hàn yín. Láàrin 3 sí 4, mo fi àmì [ ] yí ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ oníbàárà ká. 60 ni, ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Tí ẹ bá dé àmì 3 tí aago sì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì sẹ́kọ́ǹdì, onílù ti jẹ gbogbo ohun tí mo fi sílẹ̀ tán nìyẹn. Ẹ fo ewúrẹ́, ẹ lọ sí àdúrà. Ẹ má sáré. Ẹ rántí ọjọ́ ìsìnkú kan tí a lọ, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nígbà tó rí atọ́kùn ètò tó dìde. Ohùn máíìkì ń gbá ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, a ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n sì gba máíìkì lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dé ibi àdúrà.

Ẹ dìde dúró lálẹ́ ọ̀la kí ẹ kà á síta lẹ́ẹ̀kan, kí Ìyá má gbọ́, kí ẹ sì fi ohùn ránṣẹ́. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ogún, màá tún un yọ, ẹ má fọwọ́ ara yín yọ ìkòkò aró. Ta ló tilẹ̀ sọ pé ká fún àwọn àna ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ṣé ẹ bi wọ́n?

Ìpínrọ̀ 187 yẹn, ẹ má kà á fún Ìyá. Èmi fúnra mi ni màá pè wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó wọṣọ.

Àbúrò yín.